Ẹtù Ìyá àti Bùbá Àlejò

Nígbà tí wọ́n bá pe ènìyàn síbi ìsọmọlórúkọ ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń rò kí ó tó gbéra nílé: owó tí yóò jù sínú abọ́ omi, orúkọ tí yóò sọ ọmọ, àti aṣọ tí yóò wọ̀. Owó àti orúkọ kì í dá ìjà sílẹ̀. Aṣọ ni ó ń mú kí àwọn obìnrin ilé pe ara wọn lórí fóònù lóru. Ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ ni ó ni ọjọ́ náà, àwọn ni ó sì tọ́ sí láti wọ aṣọ òkè láti orí dé ẹsẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn lápapọ̀. Àlejò tí ó bá wọ gbogbo rẹ̀ pérépéré ti ń bá onílé du ìjókòó. Àlejò tí kò bá sì wọ ọ̀kankan, wọn a máa wí lẹ́yìn rẹ̀ pé kò ka ilé náà sí. Àárín méjèèjì yìí ni àwọn àgbà ti fi ọ̀nà sí: kí àlejò mú ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú aṣọ òkè, kí ó sì fi bùbá tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní ariwo gbè é lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà bi ara wọn ni ibi tí ó yẹ kí ẹ̀yà kan náà wà lára. Ṣé orí ni, ṣé èjìká ni, ṣé ìdí ni? Àwọn tí ń tẹ̀lé àṣà ìgbà ìwòyí á ní ibi tí ó bá wu oníkálukú ni. Ní ibòmíràn, bóyá. Níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ wà láàárín ilé, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọn yóò sì máa gbé e. Ibi tí ojú ọmọ náà yóò fi lé ni ó yẹ kó pinnu.

Obìnrin kan wà ní Kútọnu, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Kétu, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé ìyàwó ọmọ òun ti bí ọmọkùnrin. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni à bá sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ti ìbejì; nísinsìnyí ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún gbogbo ọmọ. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan ni ó kù fún un láti múra. Kí ẹ̀gbọ́n náà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó fi kún un pé: "Àbúrò, ẹtù ìyá yín yẹn, mo fẹ́ rí i lọ́jọ́ náà o." Ẹtù tí ó ń wí ni ìyá obìnrin náà fi sí èjìká lọ́jọ́ tí wọ́n sọ bàbá ọmọ tuntun yìí fúnra rẹ̀ lórúkọ. Ìyá ti kú. Ẹ̀gbọ́n náà kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí àbúrò tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú àpótí.

Nínú aṣọ òkè mẹ́ta tí àwọn àgbà kà sí àgbà aṣọ, sányán ni a fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ iyanrìn. Àlàárì ni pupa. Ẹtù ni èyí tí a rẹ òwú rẹ̀ nínú aró léraléra títí yóò fi dúdú bí òru, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ aró fífẹ́lẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó bá wò ó lábẹ́ iná mànàmáná á ní dúdú ni, ẹnu ọ̀nà nìkan ni ojú ti ń rí aró inú rẹ̀.

Ti ìyá yìí jẹ́ ìborùn. Ọ̀já mẹ́fà ni a rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó sì gùn tó mítà kan àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi iye wọ̀nyí ṣírò yóò rí i pé ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà péré ni fífẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ìró àgbàlagbà obìnrin ń fẹ́ ju mítà kan lọ láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò lè di ìró láé. Aránṣọ tí obìnrin náà gbé e lọ bá ní àdúgbò rẹ̀ mú ìmọ̀ràn mìíràn wá: kí wọ́n gé ọ̀já méjì kúrò, kí wọ́n fi ṣe apá bùbá àti ìgbátí ọrùn, kí ìyókù di gèlè. Irú bùbá bẹ́ẹ̀ ló gbòde, aránṣọ náà kò sì wí i pẹ̀lú èrò burúkú. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì kì í ṣe àǹkárá. Bí a bá tú ojú ìrán láàárín ọ̀já méjì, kò sí ohun tí ó bàjẹ́, nítorí etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan ni ahunṣọ ti parí lórí òfì. A lè tún un rán padà lọ́la. Bí a bá fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀já náà ní ìbú, òwú tí kò ní etí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, pàápàá òwú àtijọ́ tí a fi ọwọ́ ran, kò sì ní dáwọ́ dúró títí aránṣọ yóò fi ká a wọlé nípọn. Nígbà tí ó bá sì ká a wọlé tán, apá bùbá á le bí páálí. Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde.

Èrò tí ó kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀ rọrùn: bùbá léèsì funfun tí ó ti ní, ìró funfun, kí ó sì ju ẹtù sí èjìká òsì gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ṣe. Ẹtù lórí funfun dára ní ojú. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan, ni ó dá a dúró. Ó ṣí àpótí, ó gbọ́ òórùn, ó sì bèèrè pé:

"Màmá, kí ni ẹ fi sáàárín aṣọ yìí?"

"Èyí tí gbogbo ayé ń fi sí i. Ẹyin funfun wọ̀nyẹn. Kòkòrò kò jẹ ẹ́ rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sí èjìká lọ gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ."

Ìyá rẹ̀ bínú díẹ̀. Ó ní òórùn àpótí yẹn ni òórùn ìyá òun, àti pé ṣé nítorí òórùn ni wọn yóò ṣe máa bẹ̀rù aṣọ? Ọmọ náà jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé. Ẹyin funfun tí à ń tà lọ́jà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kánfọ̀, náfútálíìnì ni. Kì í yọ́ nínú omi tó bẹ́ẹ̀. Ó ń yí padà di afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà a sì wọ inú òwú lọ jókòó. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni a ti sábà ń jogún rẹ̀, ó ń hàn lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí gbogbo ọmọ. Kò sí àmì lójú rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè sọ. Bí ó bá fa afẹ́fẹ́ náà símú láti inú aṣọ, tàbí tí ó gba awọ ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Funfun ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, á máa sùn, kò ní fẹ́ mu ọmú. Bí wọn kò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ibà apọ́njú náà lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, tàbí kí ó pa á. Ó ti rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lára ọmọ tí wọ́n fi aṣọ inú àpótí wé. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó mọ̀ pé aṣọ ni.

Obìnrin náà kò jiyàn mọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ rí i." Ọmọ rẹ̀ ní: "Wọn yóò rí i. Ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí yóò wà."

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n na ẹtù náà sórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò sì dé. Oòrùn gangan ń jẹ àwọ̀ aró. Aṣọ tí a bá sá fún ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ rẹ̀ lè di aláìdọ́gba, apá kan á ṣú, apá kan á ṣì. Wọn kò fọ̀ ọ́. Omi kì í mú náfútálíìnì kúrò dáadáa, ẹtù àtijọ́ sì lè sún kì bí a bá bọ̀ ọ́ sómi. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fi wà lórí okùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin náà ní òun kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Ọmọ rẹ̀ kó o sínú àpò, ó dì í fún wákàtí kan, ó sì ní kí ó tú u kí ó tún gbọ́. Òórùn ṣì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ fúyẹ́. Bí imú bá ṣì ń gbọ́ ọ, ó ṣì wà nínú aṣọ nìyẹn. Wọ́n wá fẹnu kò pé aṣọ náà yóò lọ sí Kétu, ṣùgbọ́n kò ní kan ọmọ.

Ohun kejì ni wọ́n rí nípa àyẹ̀wò kékeré kan tí gbogbo ẹni tí ó ní ẹtù gidi yẹ kí ó máa ṣe. Wọ́n rin aṣọ ìnujú funfun, wọ́n sì fi nu igun kan lára ẹtù náà, wọ́n nù ún nígbà mẹ́wàá. Aṣọ ìnujú náà di aró. Èyí kì í ṣe àbùkù. Aró tí a rẹ léraléra kì í wọ inú òwú lọ tán, ó ń jókòó sí òde òwú, òógùn àti ìfọwọ́kàn a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí ó bá ju ẹtù náà sí èjìká léèsì funfun nínú ọkọ̀ láti Kútọnu dé Kétu, pẹ̀lú ooru, bùbá náà yóò ti di aláró kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Gèlè kò sì ní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: iwájú orí ni òógùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbàdí ni ó kù, ìbàdí náà sì ni ó tọ́. Àwọn ìyá wa ti máa ń ká ìborùn gùn, kí wọ́n sì gbà á mọ́ ìdí lórí ìró. Kò sí ẹni tí yóò wò ó bí ohun tuntun. Wọ́n wá ìró tí ó ní àwọ̀ aró dúdú, òwú lásán tí kò ní àwòrán, kí ẹtù má baà rí ibi funfun kankan fi aró yí. Bùbá yóò wọ inú ìró, ìró yóò wà láàárín bùbá àti ẹtù. Báyìí, aró kan aró, kò kan nǹkan mìíràn.

Ó wá ku àwọ̀ bùbá, èyí tí ó jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n rò pé ó rọrùn jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń mú àwọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ òkè wọn, wọ́n sì ń wá bùbá tí ó jọ ọ́. Bí obìnrin yìí bá ṣe bẹ́ẹ̀, láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ni yóò dúdú, ẹtù yóò sì sọnù sínú ara rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ní òdìkejì ilé kò ní mọ̀ pé ó wọ aṣọ òkè rárá. Àwọ̀ tí ó kéré jù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ẹtù lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní òwúrọ̀, wọ́n na àwọn aṣọ òwú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú èyí tí ó bá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ mu, aró fífẹ́lẹ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀. Ní kété tí wọ́n fi í lé e, ìlà inú ẹtù yọ síta bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún. Léèsì padà sínú àpótí. Kò burú bẹ́ẹ̀, nítorí ojú léèsì ń ha ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bí aṣọ òkè ayé òde òní tí a fi okùn dídán bíi wúrà hun ti ń ṣe. (Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ kí ó fi irú aṣọ òkè bẹ́ẹ̀ ra inú apá ara rẹ̀ nígbà mélòó kan.)

Aránṣọ kan náà ni ó rán bùbá ọ̀hún, wọ́n sì sọ fún un bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ọrùn róbótó, kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ní àyà. Apá rẹ̀ kọjá ìgbúnwọ́ díẹ̀, kò sì fẹ̀ lẹ́nu. Aránṣọ fẹ́ kí apá náà fẹ̀ bí agogo, ó ní òun ni ó lẹ́wà. Ó lẹ́wà lóòótọ́ níbi ìgbéyàwó. Níbi ìsọmọlórúkọ, abọ́ ni ó kún iwájú àwọn àgbà: omi, oyin, iyọ̀, epo, ataare, obì àti orógbó. Àlejò yóò na ọwọ́ kọjá wọn láti jù owó sínú omi, apá tí ó fẹ̀ a sì máa kó sínú epo kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n gba bùbá náà, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí gọ́ọ̀mù tuntun lè kúrò lára rẹ̀, wọn kò sì kó o sínú àpótí. Orí ìkọ́ ni ó wà títí di ọjọ́ náà.

Ti ọkọ rẹ̀ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Fìlà aṣọ òkè ni ó fẹ́ dé, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bá a sọ. Ọkùnrin kì í dé fìlà níwájú ọba, ó sì ń ṣí i bí ó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ní Kétu, níbi tí ààfin Aláketu kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kí fìlà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ó bá nílò fìlà kí ó tó lẹ́wà kò yẹ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì oníla tí ó kọ́kọ́ mú, ó sì wọ èyí tí kò ní nǹkan kan lára. Ní Àjàṣẹ́, nílé àwọn mùsùlùmí, obìnrin ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń bá, nítorí ó gbọ́dọ̀ bo orí níwájú lèmọ́mù. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi aṣọ òkè sórí, kí ó wá ìborùn òwú tí ó fúyẹ́ dání.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n dé Kétu kí oòrùn tó gbóná. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ kí i: "Tàǹtí, ẹ kú ọ̀nà o." Àlàárì ni ìyá ọmọ wọ̀ láti òkè délẹ̀, gèlè rẹ̀ ga, ó sì dára kí ó rí bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlejò láti Kútọnu dà bí òjìji tútù. Ẹ̀gbọ́n jókòó láàárín àwọn àgbà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí èjìká àbúrò rẹ̀, kò rí ohun tí ó ń retí, ó sì dákẹ́. Nígbà tí obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ó rí ẹtù ní ìbàdí rẹ̀.

Wọ́n fi ohun gbogbo tọ́ ọmọ lẹ́nu, àwọn àgbà sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àlejò ń jù owó sínú omi. Nígbà tí ó kan obìnrin náà láti gbé ọmọ, ó tú ẹtù kúrò ní ìdí. Kò sí àga tí ó ṣófo, nítorí náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún un ní kúkúrú ìdí tí kò fi wà ní èjìká. Ẹ̀gbọ́n náà tẹ́ aṣọ lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka wá nǹkan kan ní ojú ọ̀já kẹta, títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ wọ ọ́ rí. "Ìyá wa fúnra wọn ló wọ ọ́," ni ó wí. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bèèrè pé ta ni ó wọ kí ni, kò sì dá a lóhùn. Ní òdìkejì, ọmọ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àyà bùbá òwú, ó sùn.

Ẹ̀gbọ́n ní kí iyàwó ilé wo àpótí tiwọn náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹyin funfun mẹ́rin ni wọ́n rí láàárín aṣọ tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀ láti fi pọn ọmọ. Wọ́n kó aṣọ náà kúrò, wọ́n sì rán ẹnì kan sí ọjà pé kí ó ra ọ̀já tuntun.

Ẹtù padà sí Kútọnu. Kò tún padà sínú òórùn tí ó ti wà. Inú àpò òwú funfun ni ó wà nísinsìnyí, pẹ̀lú ewé dóńgóyárò gbígbẹ tí a dì sínú aṣọ kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ewé má baà kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, obìnrin náà ń yọ ọ́ síta, ó ń ta á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó sì ń ká a ní ojú mìíràn tí ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí ibi tí a bá ń ká aṣọ òfì sí nígbà gbogbo ni òwú rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ já.